Gbólóhùn fún Ilẹ̀kùn Tó Há

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni Taslimah ń ṣe. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, iṣẹ́ gidi ni. Bí ẹnìkan ṣe ń rán bàtà tí ẹlòmíràn ń ṣe búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ làwọn kan wà ní Èkó tí wọ́n ń jẹun lórí gbólóhùn kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kúkurú abẹ́ orúkọ ọjà, èyí tí o máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí wàá sì máa kùn ún lẹ́nu títí o ó fi délé. Ọ́fíìsì wọn wà lókè ilé aláṣọ kan létí Broad Street. Yàrá méjì péré ni, fáànù kan, àti ọ̀gá kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

Rónkẹ́ lorúkọ ọ̀gá náà, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, gbogbo wọn sì ń pè é ní Àǹtí Rónkẹ́. Obìnrin yìí kì í yin èèyàn. Tí o bá kọ nǹkan tó dára, á ní, “Ó ṣe é gbọ́.” Tí o bá kọ èyí tí kò dára, á ní kí o lọ jẹun kí o tó padà wá. Taslimah bẹ̀rù rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ tó mú wàhálà wá yìí, Alhaji Ṣàíbù ló gbé e wá. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, bàbá arẹwà tí fìlà rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Ó jókòó, ó gba omi tútù, ó kí gbogbo ilé tán, ojú rẹ̀ wá yí padà.

“Ilé ń wó níbi tiwa,” ló wí. “Ọ̀kan wó lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ wa lásìkò òjò yìí, lọ́sàn-án gangan. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sẹ́ni tó wà nínú rẹ̀. A pe ẹnjiníà. Ó rìn yí ká, ó ń mi orí. Ó ní kì í ṣe ẹyọ kan ló kù.”

Ó ṣàlàyé ohun tí ẹnjiníà sọ. Ilé tó fẹ́ wó kì í dédé wó, ó máa ń ṣe àmì. Ògiri á sán, á sì máa fẹ̀ sí i. Yanrìn á máa dà láti òkè àjà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀kùn tó ti ń pa dé láti ọjọ́ aláyé á ṣàdédé há, nítorí pé ilé ti ń tẹ̀, férémù ti wọ́. Ẹni tó bá rí èyíkéyìí nínú wọn, kó jáde, kó má padà wọlé títí wọn ó fi yẹ ilé náà wò. Ó parí.

“A fẹ́ ọ̀rọ̀ kan,” Alhaji ní. “Ẹyọ kan. A ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí bánà, a ó máa pè é ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Kó jẹ́ èyí tí ọmọdé lè sọ tí àgbàlagbà ò ní gbàgbé.”

Taslimah gbé orí sókè nígbà tó gbọ́ orúkọ àdúgbò náà, nítorí ibẹ̀ ni ilé ẹbí ìyá rẹ̀ wà. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀, Hàlímọ̀, ṣì wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé náà títí di òní, nínú ilé alájà méjì tí àwọn bàbá bàbá rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ lọmọ iṣẹ́ ń jẹ́. Ó ti kọ́kọ́ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ náà kó tó fi sí ìyá àgbà. Kí Alhaji tó sọ̀ kalẹ̀ tán, gbólóhùn ti wọlé sí i lórí, ó sì kọ ọ́ sára pátákó funfun:

Ilé tó ń rẹ́rìn-ín, ẹkún ló ń bọ̀.

Háà! Ọ́fíìsì pariwo. Ẹ wò ó, ògiri tó sán tó la ẹnu sílẹ̀, ẹ̀rín nìyẹn. Ẹkún tó ń bọ̀, òkú nìyẹn. Akọ̀wé wọn pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń ya àwòrán ní òun ti rí ilé tó ní eyín lọ́kàn òun. Inú Taslimah dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Àǹtí Rónkẹ́ wò ó, ó tún wò ó. “Ó dùn,” ló wí. “Ṣùgbọ́n dídùn kọ́ là ń tà. Lọ sọ ọ́ fún èèyàn mélòó kan tí kò mọ nǹkankan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o sọ ọ́, má tún un sọ. Kí ẹ wá máa sọ̀rọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ọ̀rọ̀ ọjà, kó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n léèrè méjì: kí ni mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan? Àti pé kí lẹ máa ṣe? Tí wọn ò bá rántí, ọ̀rọ̀ rẹ ò lẹ̀. Tí wọ́n bá rántí tí wọn ò mọ ohun tí wọn ó ṣe, ó lẹ̀ lásán.”

Taslimah gbéra. Ó kọ́kọ́ yà sí ọjà Sandgrouse, ó bá obìnrin tó ń ta ẹja yíyan. Ó sọ gbólóhùn náà fún un. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu itan, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o mọ ọ̀rọ̀ í sọ!” Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹja, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí Taslimah wá bi í pé kí ni òun sọ, obìnrin náà ronú, ó ní, “Ẹ̀rín kan... ẹ̀rín kan ni. Ṣé kì í ṣe ìpolówó ọṣẹ ìfọyín ni?” Ọkùnrin alátare tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní rárá, òun rántí, ó ní wọ́n ní kéèyàn má fi ilé aláyọ̀ ṣeré, pé ọ̀tá pọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ta tòmátì rántí gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Taslimah fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó bi í pé kí ló máa ṣe. Ó ní, “Ṣe kẹ̀? Kí n máa gbàdúrà ni.”

Ó dun Taslimah, kí n má parọ́. Àwọn èèyàn rántí pé òun gbọ́n, wọn ò rántí pé ilé lè pa wọ́n. Ó ń rìn lọ, ó ń bá ara rẹ̀ jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́dọ̀ Hàlímọ̀.

Ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ilẹ̀kùn dé. Kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń pa ilẹ̀kùn dé ló ń ṣe é. Ó fi èjìká gbé e sókè, ó fi orúnkún tì í, ó wá fà á gìrìgìrì kó tó wọlé. Lórí ilẹ̀, níwájú yàrá rẹ̀, èérún igi tuntun wà níbẹ̀, funfun, ó ká rúgúrúgú. Níwájú yàrá kejì, èérún igi. Lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, èérún igi.

“Ìyá àgbà, ẹ kúulé o. Kí ló ṣe ilẹ̀kùn?”

“Òjò ni,” Hàlímọ̀ wí. “Igi máa ń wú lásìkò òjò. Jóṣúà ti fá a, ó tún há. Yóò tún wá fá a. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé yìí ló ti fá tán, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, Ọlọ́run ń bùkún un.”

Jóṣúà ni káfíńtà àdúgbò, ọmọ Èkìtì, ọmọlúàbí èèyàn tó máa ń kọrin ìyìn bó ṣe ń ti ìfági lọ tó ń fà á bọ̀. Taslimah mọ̀ ọ́n láti kékeré. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn Jóṣúà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹnjiníà ṣe ń padà bọ̀ sí Taslimah lórí, ó tún wo èérún igi náà. Ilé ń tẹ̀, férémù ń wọ́, àwọn èèyàn sì ń pe káfíńtà kó wá bá ilẹ̀kùn wí. Gbogbo ilé náà ń kígbe, ẹnìkan ṣáá ń fá ẹnu rẹ̀ dínkù.

Ó gbé ọwọ́ lé ògiri. Ògiri náà ní ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìka rẹ̀ wọ inú rẹ̀.

“Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ mi ní Yábàá. Lónìí yìí. Ilé yìí ò dáa.”

Hàlímọ̀ jókòó. Nígbà tí ìyá yìí bá ti jókòó báyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. “Èmi? Kí n kúrò nílé bàbá mi, kí Jíbrílù ọmọ àbúrò mi gba yàrá mi? Ẹni tó bá jáde nínú ilé ẹbí, ìpín rẹ̀ ló gbé jù sílẹ̀ yẹn. Mo rí i ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun fẹ́ lọ gbatẹ́gùn ní Ṣómólú, nígbà tó dé, àgádágodo ẹlòmíràn ti wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀.”

“Ẹnjiníà ló sọ ọ́, Ìyá àgbà.”

“Kò sọ ọ́ fún mi. Tí àdúgbò bá sọ ọ́, tí wọ́n pè é ní mọ́sáláṣí pé kí gbogbo wa ṣe báyìí, màá ṣe é, kò sẹ́ni tó máa lè ní mo sá nílé bàbá mi. Ṣùgbọ́n ẹnu ìwọ nìkan? Taslimah, ẹnu ẹyọ kan kò gbé àgbà kúrò nílé.”

Ẹ wá rí i báyìí. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé kí ọ́fíìsì lè pàtẹ́wọ́ ni Taslimah ṣe ń ṣe é láàárọ̀, ó ti di ẹ̀mí ìyá àgbà rẹ̀. Gbólóhùn tí Hàlímọ̀ bá gbọ́ ní Jímọ́ọ̀ ló máa gbé e dìde tàbí kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rín àti ẹkún náà rẹ́ kúrò lára pátákó. Kò rọrùn fún un. Ó kọ òmíràn: Ilẹ̀kùn há? Ẹ kó jáde.

“Èyí ní eegun,” Àǹtí Rónkẹ́ wí. “Àmì wà níbẹ̀, ohun tí èèyàn máa ṣe wà níbẹ̀. Lọ gbé e yẹ̀ wò.”

Ó tún padà sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó sọ ọ́ fún àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rántí o! Kò sẹ́ni tó gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rántí ni ojú wọn ń le. “Kó jáde? Ta ló ní ká kó jáde? Ṣé àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ló rán ẹ wá? Àbí gọ́fúmẹ́ńtì?” Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó bá gbọ́ “ẹ kó jáde”, olówó tó ń bọ̀ pẹ̀lú katakata tó ń wólé ló máa ń rí lójú. Bàbá àgbàlagbà kan gbé ìjókòó rẹ̀, ó fi sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó lé e, pé òun fẹ́ rí ẹni tó máa gbé òun níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ wọn lórí dáadáa, ó sì há wọn mọ́ inú ilé.

Àǹtí Rónkẹ́ kò bínú nígbà tó gbọ́. Ó fa àga sún mọ́ pátákó. “Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó ń kó jáde, ó ń kó ẹrù, kò sì ní padà. A ò fẹ́ kí wọ́n dúró kó ẹrù rárá. Kí là ń sọ fún ọmọ tó wà nínú yàrá tí iná ń jó?”

“Bọ́ síta.”

“Ẹni tó bá bọ́ síta, ilé ṣì jẹ́ tirẹ̀. Kò kó nǹkankan. Kọ ọ́.”

Taslimah kọ ọ́. Ó wá rántí èérún igi níwájú ilẹ̀kùn gbogbo, ó sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí àárín. Èyí tó kọ nìyí:

Ilẹ̀kùn há? Ẹ má pe káfíńtà. Ẹ bọ́ síta.

Àǹtí Rónkẹ́ kà á. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. “Ó ṣe é gbọ́,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ju àtẹ́wọ́ lọ.

Alhaji Ṣàíbù dé láti wá wò ó. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára. Ó wá gbọn orí. “Ṣùgbọ́n ti káfíńtà yìí, ẹ yọ ọ́. Ó gùn. Bánà náà gbọ́dọ̀ ṣeé kà láti òpin ọ̀nà. Àti pé káfíńtà wà nínú ẹgbẹ́ wa, kí wọ́n má baà ní a ń lé oníbàárà wọn. Ilẹ̀kùn há? Ẹ bọ́ síta. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń ró? Bí ìṣó ló rí.”

Lóòótọ́, ó ń ró. Etí Taslimah fúnra rẹ̀ gbà á. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kúkurú. Ó wo ọ̀gá rẹ̀.

“Alhaji, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra,” Àǹtí Rónkẹ́ wí. “Tí a bá ń pọ́n ọ̀bẹ, irin là ń jẹ kúrò lára ẹ̀. Tí a bá jẹ ẹ́ jù, ọ̀bẹ náà á tán. Taslimah, kí o tó gé e, lọ bi ẹnìkan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ há.”

Ta ni kó tún lọ bi, bí kì í bá ṣe Hàlímọ̀? Ó lọ, ó sọ èyí tó kúrú fún un lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń ro ìyá àgbà. Ó bi í pé kí ni òun sọ.

“Ilẹ̀kùn há? Ẹ bọ́ síta,” Hàlímọ̀ wí, láìṣíwọ́, bí ẹni ń ka kéú.

“Kí lẹ máa ṣe, Ìyá àgbà?”

“Màá bọ́ síta.”

“Tí àdúgbò bá sọ ọ́?”

“Tí wọ́n bá ti pè é ní mọ́sáláṣí, màá bọ́ síta. Ṣé mo ya aláìgbọ́ràn ni?”

Omi bọ́ lójú Taslimah níbẹ̀. Ó dì mọ́ ìyá àgbà, òórùn òrí àti lọ́fíńdà bò ó. Kò bèèrè ohunkóhun mọ́. Ó pe ilé ìtẹ̀wé láti ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ pé kí wọ́n tẹ èyí tó kúrú, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Alhaji, Alhaji dúpẹ́. Àǹtí Rónkẹ́ ti lọ sí Ìjẹ̀bú fún ìsìnkú kan nígbà náà, kò sí nílé.

Ní Jímọ́ọ̀, bánà náà wà lókè ọ̀nà, lẹ́tà pupa gàdàgbà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí pè é lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù sì ṣàlàyé pé ẹni tó bá bọ́ síta kò pàdánù ìpín rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run àti lọ́dọ̀ ẹbí. Kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, àwọn ọmọdé ti ń fi í ṣeré: ọ̀kan á ké pé “Ilẹ̀kùn há?”, àwọn yòókù á sá jáde. Alhaji pe Taslimah lórí fóònù kí òun náà lè gbọ́ ọ. Inú Taslimah dùn dé góńgó. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọdé, kí ni oníṣẹ́ ọ̀rọ̀ tún ń fẹ́?

Nígbà tí Àǹtí Rónkẹ́ dé láti Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ Ajé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ti rí bánà náà nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́.

“Ta lo bi léèrè?”

“Ìyá àgbà mi, mà. Ó rántí gbogbo rẹ̀.”

“Kí ló ní òun máa ṣe?”

“Ó ní òun máa bọ́ síta.”

Àǹtí Rónkẹ́ jókòó díẹ̀díẹ̀. “Taslimah. Ọ̀rọ̀ tìẹ ló dá padà fún ẹ yẹn. Ẹyẹ ayékòótọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní kí o bi èèyàn pé kí ló máa ṣe, kó fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó bọ́ síta. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ta ló máa pè? Ìgbà wo ló máa padà wọlé? O yọ káfíńtà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣé o yọ ọ́ kúrò nílé wọn?”

Taslimah fa fóònù yọ. Èérún igi funfun yẹn hàn sí i lójú kedere. Ó pe fóònù Hàlímọ̀, kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Kò tilẹ̀ mú báàgì, ó ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ti wà lójú títì, ó ń sá. Láti Broad Street sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kò jìnnà tó kéèyàn wọkọ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Ó ń ti àwọn alárù, àwọn èèyàn ń ṣépè fún un, kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹyin ni. Bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ láti Jímọ́ọ̀.

Ó yà sí ọ̀nà ilé wọn. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni Hàlímọ̀. Ìyá náà jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé, lódìkejì ọ̀nà, ìborùn rẹ̀ lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, láàyè, ara rẹ̀ yá gágá. Àwọn ará ilé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Taslimah sáré lọ bá a. Alihamudulilai! Ó dì mọ́ ìyá àgbà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Kí ló dé?” Hàlímọ̀ wí. “Láàárọ̀ yìí ni ilẹ̀kùn há pátápátá, ti òkè náà há. Mo ní kí gbogbo wa bọ́ síta, a sì bọ́ síta. Jíbrílù kọ́kọ́ ń ráhùn, mo ní kó lọ ka bánà.”

“Ẹ ṣeun, Ìyá àgbà. Ẹ ṣeun. Ẹ má wọlé mọ́. Ẹ jẹ́ ká pe ẹnjiníà.”

“Ẹnjiníà kẹ̀? Kò ní pẹ́ mọ́, a ó wọlé. Ó ti kan ti òkè.”

Ìgbà yẹn ni Taslimah wá gbọ́ ọ. Láti ojú fèrèsé òkè, ìró ìfági ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú orin ìyìn Èkìtì kan lábẹ́ ohùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà, yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń dà sílẹ̀ lára ògiri, láìdáwọ́ dúró.

“Jóṣúà!” Taslimah ké. “Jóṣúà, ẹ jáde! Ẹ jáde nísinsìnyí!”

Orin náà dúró. Jóṣúà yọrí lójú fèrèsé, òógùn lójú rẹ̀, èérún igi lára irun rẹ̀. Ó rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ha, Taslimah! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ku díẹ̀, kí n fá ti apá ibí yìí tán kí Mama lè wọlé sinmi.”

“Ẹ fi sílẹ̀! Ilé ni, kì í ṣe ilẹ̀kùn!”

“Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀,” ló wí, ó sì fà sẹ́yìn sínú yàrá láti mú ìfági rẹ̀, nítorí káfíńtà kì í fi irinṣẹ́ sílẹ̀.

Taslimah sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Jíbrílù ló gbá a mú láti ẹ̀yìn, òun ló yọ ọ́, ó gbé e nílẹ̀ gẹ́ẹ́rẹ́ ó fà á padà. Ilé náà ò pariwo ní àkọ́kọ́. Ó kàn mí kanlẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó, ògiri òkè wọ inú, àjà tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ wá rọ́ lulẹ̀ lójú wọn, eruku bo ọ̀nà, bo bánà, bo ojú gbogbo èèyàn.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti wà lórí òkìtì náà, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán kó bíríkì, wọ́n ń pe Jóṣúà lórúkọ, wọ́n ń dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́, wọ́n tún ń pè é. Kò sí ẹni tó dáhùn. Taslimah wà láàárín wọn, èékánná rẹ̀ ti ya, ó ń kó òkúta, ó ń wí pé, “Èmi ni, èmi ni mo yọ ọ́, èmi ni,” kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ.

Hàlímọ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Eruku ti sọ ìborùn rẹ̀ di funfun. Ó ń wo ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Kò bínú. Ó kàn bèèrè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé ni.

“Taslimah, gbogbo wa la bọ́ síta bí o ṣe wí. Kò sí èyí tí a ò ṣe. Kí ló dé tí o ò sọ ti Jóṣúà?”